Fọ́tò kan tí mo jù sí gúrúùpù

Lẹ́tà mẹ́ta ló kó mi sí wàhálà: SRV.

Ọmọ Oǹdó ni obìnrin tó gbé ìwé náà wá. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Àbíjáǹ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ará Èjìgbò, ìgbéyàwó náà tú ká, ó sì padà wálé, ó ń ta àǹkárá ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ tèmi. Ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ sínú láílọ́nù dúdú kan: káàdì ìtọ́jú ilé ìwòsàn, èsì àyẹ̀wò, ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àtijọ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi yí gbogbo ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì." Mo gba owó, mo gba láílọ́nù. Mi ò bi í pé ta ló fẹ́ kà á. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni èyí tó kọ́kọ́ dùn mí.

Lórí káàdì ìtọ́jú rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ SRV, wọ́n sì fi àmì ìròpọ̀ sí i lára. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo ya fọ́tò ojú ìwé náà, mo fi bírò inú fóònù mi kun orúkọ rẹ̀ ní dúdú, mo jù ú sí gúrúùpù Wasáàpù àwa atúmọ̀ èdè. Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi dé: àyẹ̀wò kòkòrò Éèdì ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń gé e kúrú ní Kọ́difuá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dáhùn. Mo fẹ́ máa bá iṣẹ́ mi lọ ni ẹnì kan nínú gúrúùpù kan náà kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ìyàwó lágbájá tẹ́lẹ̀ nìyí?"

Òun gan-an ni.

Báwo ló ṣe mọ̀? Mo padà lọ wo fọ́tò náà bí ìgbà tí mi ò rí i rí. Mo bo orúkọ, òótọ́ ni, àmọ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú "a bí i ní Oǹdó". Orúkọ àdúgbò tó ń gbé ní Àbíjáǹ wà níbẹ̀. Agbẹ̀bí ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ìbejì ló bí gbẹ̀yìn, ó sì kọ ọdún tó bí wọn. Ẹ wá bá mi ṣírò: obìnrin Oǹdó mélòó ló fẹ́ ará Èjìgbò, tó gbé àdúgbò yẹn, tó bí ìbejì lọ́dún yẹn? Ẹni tó bá mọ ẹbí náà ò nílò orúkọ rárá. Orúkọ wulẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí a fi ń dá èèyàn mọ̀ ni.

Èyí tó tún burú ni bírò fóònù tí mo lò. Èyí tí wọ́n fi ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ni mo mú, kì í ṣe èyí tó ń bo nǹkan pátápátá. Tí o bá fi kun nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ó máa dúdú lójú, àmọ́ ẹni tó bá gbé ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà sókè á rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo dán an wò lórí fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ sì jáde wẹ́rẹ́, bí ẹní gbé àtùpà sẹ́yìn bébà. Bákan náà lọ̀rọ̀ PDF tí a ya àpótí dúdú lé lórí. Ẹ ṣí i, ẹ ṣàmì sí gbogbo ojú ìwé, ẹ kọ́pì, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Tí ọ̀rọ̀ abẹ́ àpótí bá jáde, ẹ ò bo nǹkan kan. Ní tèmi o, tí mo bá fẹ́ bo nǹkan báyìí, màá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, màá gé ibẹ̀ kúrò pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì, màá wá ya fọ́tò ìyókù. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Mo pa fọ́tò náà rẹ́ fún gbogbo gúrúùpù. Ẹni tí fóònù rẹ̀ máa ń gba fọ́tò wọlé fúnra rẹ̀ ti ní tiẹ̀ nínú fóònù, mi ò sì lè dé ibẹ̀. Mo tọrọ pé kí wọ́n bá mi pa á rẹ́, àwọn kan fèsì, àwọn kan ò fèsì. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá obìnrin náà ní ìsọ̀ rẹ̀, mo sọ ọ́ fún un kí ó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Ó ń ká àǹkárá kan lọ́wọ́. Ó ká a tán, ó tú u, ó tún un ká. Ó wá ní, "Àbúrò mi tí a jọ ń gbé inú yàrá kan ò tíì mọ̀." Kò bú mi. Ó sàn kó bú mi.

Báyìí, tí mo bá fẹ́ béèrè, ọ̀rọ̀ tó rú mi lójú nìkan ni mò ń kọ, pẹ̀lú irú ìwé tó ti wá àti orílẹ̀-èdè: "Káàdì ìtọ́jú, Kọ́difuá, lábẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: SRV. Kí ni?" Èyí tó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n láti dáhùn. Tí ìwé ọwọ́ dókítà ò bá ṣeé kà, màá gé ọ̀rọ̀ kan péré náà, ìbú ìka méjì, kò ní í sí ọjọ́, kò ní í sí nọ́ńbà káàdì, kò ní í sí òǹtẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tó lè kà á, màá kọ sínú ìtumọ̀ mi pé ibẹ̀ kò ṣeé kà. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí láílọ́nù dúdú. Lọ́jọ́ tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ ni mo tó bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í níbẹ̀rẹ̀: ta ló ní kó mú ìwé wá? Ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ mọ oògùn tó ń lò àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kí wọ́n lè máa bá ìtọ́jú rẹ̀ lọ. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ fẹ́ ẹ̀rí pé ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ti tú, nítorí ó fẹ́ fẹ́ ẹlòmíì ní kóòtù. Ọ̀tọ̀ ni ẹni méjì yìí o, èmi sì ti ń di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìwé kan, òǹtẹ̀ kan, nọ́ńbà ojú ìwé kan. Ká ní mo parí ẹ̀ báyẹn ni, akọ̀wé ìgbéyàwó ni ì bá máa ṣí ojú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Mo tú u sí méjì. Ti ilé ìwòsàn rọrùn: èsì àyẹ̀wò, orúkọ oògùn, ọjọ́. Ti ìkọ̀sílẹ̀ ló gba ìrònú. Ìdájọ́ tí kóòtù Kọ́difuá kọ ní apá méjì, bíi ti Faransé tí wọ́n ti kọ́ ọ. Apá àkọ́kọ́ ni ẹjọ́ fúnra rẹ̀: ẹni tó na ẹnì kejì, ẹni tó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ohun tí ẹlẹ́rìí sọ. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn Faransé tó túmọ̀ sí "nítorí àwọn ìdí wọ̀nyí", ibẹ̀ ni adájọ́ ti sọ ohun tó pa láṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbéyàwó ti tú kò nílò apá àkọ́kọ́. Ohun kan tún wà tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí ìkọ̀sílẹ̀ bá ti di àṣepé, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí etí ìwé ìgbéyàwó nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìlà méjì mẹ́ta péré, orúkọ kóòtù àti ọjọ́ ìdájọ́. Ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó tó wà nínú láílọ́nù rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ yìí ní etí. Ó lọ béèrè ní ọ́fíìsì náà bóyá èyí tó, wọ́n ní ó tó. Ojú ìwé kan ni mo túmọ̀ dípò mọ́kànlá, mo sì dá owó ìyókù padà fún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa sọ pé mo ṣe òmùgọ̀. Ojú ìwé tí mi ò túmọ̀ kò lè bọ́ lọ́wọ́ mi.

Èyí yàtọ̀ sí fífo nǹkan o. Ó bẹ̀ mí pé kí n fo ìlà SRV nínú ti ilé ìwòsàn, mo ní rárá, nítorí mo ń fọwọ́ sí i pé ìtumọ̀ náà pé. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n túmọ̀ ojú ìwé tó bá yàn, kí n sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé àyọkà ni, ojú ìwé báyìí nínú báyìí. Ẹni tó ń gbà á yóò mọ̀ pé ìyókù wà. Lọ́rọ̀ tiẹ̀, ìlà yẹn gan-an ni dókítà ń wá, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì gbà.

Ó ku títẹ̀ ìwé. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tẹ́lẹ̀, títí mo fi ra ẹ̀pà lọ́nà Arákàlẹ̀ tí mo sì rí i pé lẹ́tà ìgbàṣẹ́ ẹnì kan ni wọ́n fi dì í, orúkọ àti owó oṣù rẹ̀ hàn ketekete. Bébà tó bàjẹ́ ní sẹ́ńtà kì í ṣòfò, alẹ́pà àti alákàrà máa ń rà á. Mo ra pírínta kékeré tèmi. Tí iná bá lọ tí mo sì ní láti lọ síta, fíláàṣì ni mò ń mú lọ, mo sì ń ṣí ìwé láti orí rẹ̀, mi ò kì í fi Wasáàpù ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà wọn. Tó bá wá di dandan kí n lo Wasáàpù níbẹ̀, kí n tó dìde, màá wo "Linked devices" lórí fóònù mi, màá yọ kọ̀ǹpútà wọn kúrò, màá sì pa ohun tó wà ní "Downloads" àti "Recycle Bin" rẹ́. Màá ka bébà tó jáde, títí kan èyí tó bàjẹ́, màá kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Orúkọ fáìlì pàápàá ń tú àṣírí. "Iya Ibeji HIV" ni mo sọ ti obìnrin yẹn níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣí Wọ́ọ̀dù lẹ́yìn mi á rí i nínú "Recent" láìṣí nǹkan kan. Nọ́ńbà iṣẹ́ ni mò ń lò báyìí, orúkọ tó bá a mu wà nínú ìwé ajé tí mo ń tì mọ́ dúróò.

Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé mo máa tọ́jú ẹ̀dà fún oṣù kan, bóyá wọ́n á bá àṣìṣe kan nínú ìtumọ̀. Lẹ́yìn náà, mo pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, nínú Wasáàpù, àti nínú fọ́tò. Ti fọ́tò ni mo máa ń gbàgbé jù: fóònù mi ń gbé fọ́tò lọ sí Google Photos fúnra rẹ̀, èyí tí mo bá sì pa rẹ́ níbẹ̀ ṣì máa ń wà nínú ibi ìdalẹ̀nù rẹ̀ fún 60 ọjọ́, àfi tí mo bá wọ ibẹ̀ lọ dà á nù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ lọ wò ó, káàdì obìnrin náà ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìka mi ní igun ìsàlẹ̀.