Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ obìnrin kúrò lọ́rùn ẹni, kí ló kù?

Láti kékeré ni mo ti kórìíra kí wọ́n máa sọ fún mi pé obìnrin kì í jókòó báyìí, obìnrin kì í pariwo. Bí a bá jẹun tán, àwọn ọkùnrin ilé á gba ìdí bọ́ọ̀lù lọ, èmi á máa kó àwo. Inú a máa bí mi débi pé mo ń sọ pé ìbá wù mí kí n jẹ́ ọkùnrin.

Nígbà tí àbúrò mi, tí wọ́n bí ní obìnrin bíi tèmi, wá sọ fún mi pé òun kì í ṣe obìnrin, mo bi í pé, "Bí wọn ò bá yan iṣẹ́ kankan fún ọ mọ́ nítorí pé o jẹ́ obìnrin, tí o sì ń wọ aṣọ tó wù ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ yìí á tán?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni gan-an ló ti ń le jù. Ẹ ò rí i pé mi ò kì í tan iná bí mo bá ń wẹ̀?"

Lóòótọ́ ni. Ó ti fi aṣọ bo dígí yàrá rẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì méjì tó fún pinpin ló ń wọ̀ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì nínú ooru, kí àyà rẹ̀ má bàa yọ. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, kì í lè lọ sílé ìwé. Kò sẹ́ni tó gbé abọ́ fún un fọ̀ nínú balùwẹ̀ yẹn o.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Ní tèmi, ẹni tó bá gba abọ́ lọ́wọ́ mi ti parí ìjà náà, torí ara mi ò ṣẹ̀ mí rí. Àwọn èèyàn àti òfin wọn ni mo ń bínú sí. Ní ti àbúrò mi, òfin lè lọ tán kí ìrora ṣì wà níbẹ̀, torí ohun tó mọ̀ pé òun jẹ́ àti ara tó gbé wọ̀ kò bára mu. Ìrora yìí ni àwọn dókítà ń pè ní jẹ́ńdà dísífóríà.

Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé, DSM-5, tó jáde ní 2013 tí wọ́n sì ṣàtúnṣe rẹ̀ ní 2022, ní ó gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán, kó sì máa dá ẹni náà lóró tàbí kó máa dí i lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí láàárín ẹbí. Ti ọmọdé ló dùn mọ́ mi jù. Àmì 8 ni wọ́n kọ sílẹ̀, 6 ló gbọ́dọ̀ hàn. Aṣọ, eré, ohun ìṣeré àti irú ọ̀rẹ́ tí ọmọ ń yàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn pọ̀ kò tó, àfi kí ọmọ tí wọ́n bí ní obìnrin máa fẹ́ gidigidi láti jẹ́ ọkùnrin, tàbí kó máa tẹnu mọ́ ọn pé ọkùnrin ni òun, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tí wọ́n bí ní ọkùnrin. Nítorí náà, ọmọbìnrin tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kàn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni.

Ìgbà ìbàlágà ló sábà máa ń le sí i, torí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tí kò wu ẹni lọ. Ibẹ̀ náà ló ti rọrùn láti ṣì í mú. Ọmọbìnrin tí ọyàn rẹ̀ tètè yọ, tí àwọn àgbà ọkùnrin wá ń wò ó lójú pópó, lè máa fi aṣọ di àyà òun náà. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń sá fún. Bó bá jẹ́ ojú wọn ni, ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ má yọ ọ́ lẹ́nu níbi tí ojú yẹn kò bá sí. Jẹ́ńdà dísífóríà tún yàtọ̀ sí ti ẹni tó gbà pé imú òun burẹ́wà. Àbúrò mi ò sọ rí pé ọyàn òun burẹ́wà. Ohun tó ń sọ ni pé kì í ṣe ti òun.

Kí ló ń fà á? Kò sí ohun kan ṣoṣo tí àwọn onímọ̀ tíì rí. Àwọn ìwádìí kan rí i pé ó máa ń ṣe ìbejì tó jọra bí ìmumu pa pọ̀ ju àwọn ìbejì yòókù lọ, èyí tó lè túmọ̀ sí pé àbímọ́ni lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwádìí ló bá a mu. Wọ́n tún ń wádìí ipa àwọn họ́mọ̀nù inú oyún. Ẹni tó bá sì ń di ẹ̀bi ru ìyá tàbí bàbá, kó rántí David Reimer, ọmọ Kánádà tí wọ́n bí ní 1965. Wọ́n ba nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dá a ládọ̀dọ́, ni wọ́n bá tọ́ ọ bí obìnrin láti kékeré. Kò gbà á mọ́ra. Nígbà tí wọ́n sọ òótọ́ fún un ní ọmọ ọdún 14, ó padà di ọkùnrin. Ẹnì kan ṣoṣo ni, àmọ́ ó jẹ́ ká rí i pé ìtọ́jú òbí nìkan kọ́ ló ń pinnu ohun tí ẹni mọ̀ pé òun jẹ́.

Ìbínú sí òfin àti ìrora ara yìí, méjèèjì lè wà lára ẹnì kan o. Àbúrò mi náà kórìíra abọ́ fífọ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó rí i kò fi parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó bi í nípa ìbànújẹ́, ìfìyàjẹni àti bí oorun rẹ̀ ṣe rí, ó tún ní kó padà wá. Ẹ wá irú dókítà bẹ́ẹ̀, tí kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí kò sì ní kánjú. Bí ẹni náà bá ń sọ pé ikú yá ju ara yìí lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan kí ẹ tó débẹ̀.