Kí n tó pa láptọ́ọ̀pù báyìí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìròyìn ìparí iṣẹ́ òní ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa ni o. Aago 9 ni mo jókòó, aago 5 ni mo dìde, àmọ́ wákàtí 6 ààbọ̀ ni mo kọ sílẹ̀, torí mo yọ àkókò oúnjẹ àti ìgbà tí mo lọ gbé ọmọ nílé ìwé kúrò.

Ripọ́ọ̀tù ló kù. "Kò tíì parí" nìkan ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ jàre, torí náà ohun tí mo kọ ni pé: "Tébù kejì ti pé, ó ku iye títà oṣù Kẹta, ọwọ́ àwọn akáǹtì ló wà, mo ti bèèrè lọ́sàn-án." Ẹni tó bá kà á ti mọ ẹni tí à ń dúró dè.

Ti ọ̀la wá ńkọ́? Mi ò kọ "parí ripọ́ọ̀tù" o, ìyẹn ti pọ̀ jù fún àárọ̀ kùtù. Mo kọ "ṣí fáìlì, lọ sí ojú ewé 4, fi iye oṣù Kẹta sí ìlà tó ṣófo, tí wọn ò bá tíì fèsì, pè wọ́n." Mo wá pa gbogbo tábù tó ṣí, ó ku fáìlì yẹn nìkan, ara mi sì fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ látilé, kí lẹ máa ń kọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde?