Ìwé Àyípadà Tí Mo Kọ fún Alhaja

Ní àárọ̀ àná, nílé tí à ń kọ́ ní Tankẹ, Ìlọrin, Alhaja tó ni ilé ní kí a wó ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá ìjẹun, kí ibẹ̀ lè fẹ̀. Ògiri náà ti ga dé ibi tí a ó ti da líńtẹ́ẹ̀lì, òun ló sì yẹ kó gbé òrùlé ró. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a má fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kankan títí n ó fi kọ ìwé àyípadà, tí wọn yóò sì fọwọ́ sí i.

Owó tí mo kọ síbẹ̀ pé yóò lé jẹ́ ₦360,000, fún wíwó ògiri, irin, kọnkéré, pákó àti owó iṣẹ́; mo ti yọ ₦25,000 líńtẹ́ẹ̀lì tí a kò ní dà mọ́.

Owó kọ́ ló yà wọ́n lẹ́nu, iye ọjọ́ tí mo kọ síbẹ̀ ni.

"Iṣẹ́ ọjọ́ 5 lẹ pè é, báwo ló ṣe di ọjọ́ 26?"

Mo ṣàlàyé pé bíìmù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14 yóò rọ́pò ògiri náà. A lè tú pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní yọ òpó abẹ́ rẹ̀ kí ó tó pé ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí a bá dà á tán, àwọn kápẹ́ńtà kò sì ní lè gbé òrùlé lé e. Bí a bá kánjú yọ ọ́, bíìmù náà lè tẹ̀ láàárín, kí ó sì sán tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́.

Alhaja tún ìwé náà kà, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì kọ déètì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó ní kí wọ́n gbé òòlù.