Ṣọ́ọ̀bù mi l'Óṣogbo ní 2024: ṣé mo jèrè?

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ bá mi ṣírò ọdún yìí. Ó ro gbogbo owó títà tí mò ń kọ sínú ìwé lálaalẹ́ pọ̀, ó jẹ́ ₦9,600,000. Ó ro rìsíìtì àwọn ọjà tí mo rà ní Ìgbọ̀nà, ìyẹn jẹ́ ₦8,450,000. Ó wá yọ owó ṣọ́ọ̀bù, ₦480,000. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ₦670,000 lo jẹ lérè o."

Mo ní kó dúró ná. ₦480,000 yẹn, owó ọdún méjì ni láńlọ́ọ̀dù gbà lẹ́ẹ̀kan. ₦240,000 péré ló kan 2024. Ekejì, kì í ṣe gbogbo ọjà tí mo rà ni mo tà. Òmíràn ṣì wà lórí pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ọdún kò bá mi lófìfo, torí ọjà ₦650,000 ti wà nílẹ̀ ní oṣù kìíní.

Ibi kíka ọjà gan-an niṣẹ́ wà. Lọ́jọ́ Sunday tí a ò ṣí ṣọ́ọ̀bù, a bẹ̀rẹ̀ láti pẹpẹ òkè. Iye tí mo ra ọjà la fi ń kà á, kì í ṣe iye tí mò ń tà á, torí èrè tí n kò tíì rí kì í ṣe owó. Páálí tí a ti ja, a ka ẹyọ tó kù nínú rẹ̀. Bisikíìtì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, òdo la kọ sí i, bó tilẹ̀ dùn mí. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦980,000.

Ìṣirò náà wá rí báyìí: ₦650,000 tó wà nílẹ̀ látilẹ̀, pẹ̀lú ₦8,450,000 tí mo rà, yọ ₦980,000 tó ṣẹ́ kù. Ọjà tí mo tà jáde lọ́dún yìí, ₦8,120,000 ni mo fi rà á. Yọ ìyẹn nínú owó títà, ó ku ₦1,480,000. Owó ṣọ́ọ̀bù ₦240,000 tó kan 2024, iná, owó mọ́tò, ọ̀rá àti owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa nínú ọjà jẹ́ ₦480,000 lápapọ̀. Mílíọ̀nù kan náírà ló kù. Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín.

Èmi ò tíì rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ mọ bí nǹkan ṣe gbówó lórí lọ́dún yìí. Mo mú ìwé tí a fi ka ọjà ní oṣù kìíní, mo kọ iye tí wọ́n ń ta ohun kọ̀ọ̀kan fún mi báyìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjà ₦650,000 ìgbà yẹn, ẹyọ kan kò lé, yóò ná mi ní ₦845,000 lónìí. ₦195,000 nínú mílíọ̀nù yẹn ti wọlé sórí pẹpẹ. Bí mo bá ná an, pẹpẹ á máa ṣófo lọ ni. Èyí tí mo lè ná jẹ́ ₦805,000, ìyẹn bíi ₦67,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó bá sọ pé ṣọ́ọ̀bù rọrùn ju iṣẹ́ oṣù lọ, kó wá jókòó níbẹ̀ láti aago méje àárọ̀.

Mo tún fi indómì wádìí ìwé títà wò, torí òun ló ń yára tà jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, páálí méjì ló wà nílẹ̀, mo ra mẹ́sàn-án kún un. Ogójì ẹyọ ló wà nínú páálí kan. Nígbà tí oṣù parí, ó ku ọgọ́ta ẹyọ. Ó yẹ kí 380 ti tà ní ₦250, ìyẹn ₦95,000, àmọ́ ₦91,000 ló wà nínú ìwé. Ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni àlàfo yẹn. A rí ọ̀rá márùn-ún tí eku ti jẹ lẹ́yìn àpò ìrẹsì. Mọ́kànlá yòókù, àwọn ìbejì fúnra wọn jẹ́wọ́. Láti oṣù tó ń bọ̀, ohun tí ilé bá mú, mà á kọ ọ́ sí ojú ewé tirẹ̀, ní iye tí mo rà á.

Ìpara àti lọ́fínńdà ló ń dùn mí jù báyìí. ₦180,000 wà nínú wọn, òmíràn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà Iléyá. Oníbàárà kan ní Òkè-Fíà ti ní òun á kó wọn ní iye tí mo rà wọ́n, àmọ́ ìdajì owó lòun á kọ́kọ́ san. Mo ti ní kó san gbogbo rẹ̀ kó tó gbé wọn. Bó bá gbà, mílíìkì àti indómì ni mo máa fi owó náà rà.