Owó Ìyá: Bí A Ṣe Ń Rán Ọmọ Ìyá Ẹni Létí Láìdá Ìjà Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà nílé rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́rin ọdún, ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún kò sì jẹ́ kó lè dá lọ sọ́jà mọ́. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Àkọ́bí, ọkùnrin, wà ní Manchester. Èyí tó tẹ̀ lé e, obìnrin, wà ní Houston. Ẹnì kẹta wà ní Jeddah. Àbíkẹ́yìn ló wà ní Ìlọrin, òun ló sì ń sáré lọ wo ìyá lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ẹbí lórí Wásáàpù. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, owó ń wọlé dáadáa. Ní oṣù kẹrin, àbíkẹ́yìn kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé owó Ìyá o.” Àmì búlúù méjì yọ, gbogbo wọn ti kà á. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Àwọn ọmọ yìí kò kórìíra ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ tí àbíkẹ́yìn kọ ni kò ní ohun tí ènìyàn lè dì mú: kò sọ iye, kò sọ ọjọ́, kò sọ ohun tí wọ́n fi owó tó kọjá ṣe. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tí owó ń wọ àkáǹtì rẹ̀ ló kọ ọ́.

Orí kókó yìí ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń béèrè owó. Bí àbíkẹ́yìn bá ń béèrè lóṣooṣù, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á fi máa dún létí àwọn tó wà lókè òkun bíi ti ẹni tó ń tọrọ owó fún ara rẹ̀, pàápàá bí òun náà bá ti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn rí. Kò sì sí bí àbúrò ṣe fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo ilé pé, “Ẹ jẹ owó,” kí ó má dà bí àfojúdi. Nítorí náà, ẹ pín iṣẹ́ náà sọ́nà méjì. Ẹni tó wà ní Ìlọrin ni kó máa gba owó, kó máa ná an, kó sì máa kó rìsíìtì síta. Àkọ́bí tó wà ní Manchester ni kó máa kọ ìránnilétí. Bí àkọ́bí bá jẹ́ ẹni tí kì í sábà wo fóònù, ẹ gbé e fún èkejì, ṣùgbọ́n kí àkọ́bí kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé òun ló ní kó máa ṣe é.

Ó kan iye owó. Àìní ìyá, owó náírà la fi ń ra gbogbo rẹ̀, nítorí náà ní náírà ni kí ẹ ti dá owó. Ẹ wo ìṣirò ilé yìí: ọmọbìnrin tó ń gbé pẹ̀lú ìyá tó sì ń tọ́jú rẹ̀ ń gba 60,000; oúnjẹ jẹ́ 70,000; oògùn 45,000; iná àti omi 15,000; ọkọ̀ àti owó káàdì ọsibítù 10,000. Ó di 200,000. Wọ́n fi 20,000 lé e fún àpò ìpamọ́, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 220,000 náírà lóṣù. Houston ń san 75,000, Manchester 65,000, Jeddah 50,000, Ìlọrin 30,000. Ti Ìlọrin kéré torí pé òun ló ń wọ ọkọ̀ gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sílé ìyá, àkókò rẹ̀ náà sì jẹ́ owó. Ẹ jẹ́ kí ìdí yẹn wà lákọsílẹ̀, torí pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á béèrè.

Kí ló dé tí a kò fi ní kí oníkálùkù máa fi iye pọ́ùn tàbí dọ́là kan pàtó ránṣẹ́? Ìdí ni pé ṣẹ́ǹjì kì í dúró sójú kan. Bí náírà bá lágbára díẹ̀, iye tó dé ilé á dín, oògùn ò ní pé. Bí náírà bá sì já wálẹ̀, owó á ṣẹ́ kù, èyí tó ṣẹ́ kù yẹn ló sì ń dá awuyewuye sílẹ̀ ju èyí tó dín lọ. Lórí ọ̀pọ̀ ápù tí a fi ń fi owó ránṣẹ́, àpótí méjì ló máa ń wà: iye tí o fẹ́ san, àti iye tí ẹni tó wà nílé á gbà. Inú ti ẹni tó wà nílé ni kí o ti tẹ 65,000, kí o jẹ́ kí ápù fúnra rẹ̀ sọ iye pọ́ùn tó kàn ọ́. Owó tí ápù bá yọ fún iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ránṣẹ́ ló wà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí àbíkẹ́yìn mú iye ọjà tuntun wá, kí ẹ tún un ṣírò. Ẹ má dúró di ìparí ọdún, ìrẹsì ò ní dúró dè yín.

Ọjọ́ ìsanwó ló sábà máa ń da ilé rú, torí pé owó iṣẹ́ kì í wọlé lọ́jọ́ kan náà káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó lópin oṣù. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ń gba tiwọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìyẹn ìgbà 26 lọ́dún, nítorí náà ọjọ́ owó wọn ń sún kiri nínú oṣù. Bí ẹ bá wá ní kí owó wọlé ní ọjọ́ 27, ẹni tó ń gba owó ní ọjọ́ 30 á máa pẹ́ títí láé, wọ́n á sì máa pè é ní aláìbìkítà nígbà tó jẹ́ pé kàlẹ́ńdà ló ń bá a jà.

Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni kí owó oṣù kan ti wà nílẹ̀ ṣáájú, kó jẹ́ pé owó tó wọlé ní oṣù yìí, oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ fi bọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ san ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ pín in sí oṣù mẹ́rin. Kí oníkálùkù fi ìdámẹ́rin owó rẹ̀ lé e: ẹni tó ń san 65,000 á san 81,250, ẹni tó ń san 50,000 á san 62,500. Lápapọ̀, 55,000 ni yóò máa ṣẹ́ kù lóṣù, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, 220,000 ti pé. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹnì kan bá pẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìyá kò ní mọ̀ rárá. Ẹni tó wà ní Houston, oṣù méjì ló máa ń wà lọ́dún tí yóò gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nínú oṣù wọ̀nyẹn ló rọrùn fún un jù láti fi nǹkan kún àpò ìpamọ́.

Ẹ tún fi ọjọ́ ìsinmi sọ́kàn. Ní Saudi, Jímọ̀ àti Sátidé ni òpin ọ̀sẹ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sátidé àti ọjọ́ Àìkú ni. Bí ọjọ́ 27 bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, ẹ kà á padà sí Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, ọjọ́ tí báńkì ṣí níbi gbogbo.

Ìránnilétí gan-an kò gbọdọ̀ gùn. Ọjọ́ 20, àbíkẹ́yìn á kó ìṣirò oṣù tó kọjá síta pẹ̀lú àwòrán rìsíìtì. Ọjọ́ 22, ní agogo mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ nílé, lẹ́yìn tí àwọn tó ń kírun bá ti kí ìrun alẹ́ tán, àkọ́bí á kọ tirẹ̀. Ní àkókò yẹn, ọ̀sán ni ní Houston, agogo mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́ ni ní Jeddah. Kò sẹ́ni tó ń sùn lọ́wọ́. Ó lè kà báyìí:

“Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ara Ìyá le, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Oṣù tó kọjá: 220,000 wọlé, 203,500 jáde, rìsíìtì wà lókè. Oògùn ló fi 3,500 lé. 16,500 wọ àpò ìpamọ́. Ti oṣù tó ń bọ̀: 220,000, kó wọlé kó tó di ọjọ́ 27. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kó pè mí kó tó di ọjọ́ 25.”

Ìyá ló ṣáájú, ìṣirò tẹ̀ lé e, ìbéèrè ló gbẹ̀yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sọ ọ́ sínú ohùn tí a gbà sílẹ̀: ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì ò lè gbọ́ ọ, bó sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí iye tí wọ́n sọ nínú rẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ẹ yan Pin, kó lè wà lókè. Bí Disappearing messages bá wà ní títàn nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ pa á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìṣirò yín á pòórá. Ẹ má sì fi òwe há a. Òkété tó dàgbà tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀, òwe dáadáa ni níbi ìkómọ, ṣùgbọ́n fún ẹni tí owó rẹ̀ ò tíì wọlé, èébú ni.

Ní ọjọ́ 26, iye tó ti wọlé nìkan ni ẹ kọ: “170,000 ti wọlé, ó ku 50,000.” Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó mọ ìṣirò á mọ̀ pé Jeddah ló kù. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀, kò sì sí ohun tó fẹ́ dá lóhùn lójú gbogbo ènìyàn. Àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé ní Ìlọrin ni kí àbíkẹ́yìn fi kà á, kì í ṣe àwòrán tó fi hàn pé wọ́n ti fi ránṣẹ́. Owó lè kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ kó má tíì dé, pàápàá bí orúkọ tó kọ kò bá bá ti àkáǹtì mu.

Bí ọjọ́ 28 bá dé tí kò sí nǹkan, kí àkọ́bí pe Jeddah, wọn méjèèjì nìkan. Kó kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ àti ilé rẹ̀, kó tó wá bi í pé, “Ṣé kò sí o?” Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló bọ́, kí àpò ìpamọ́ san tirẹ̀ fún oṣù méjì, kí wọ́n kọ “ìsinmi” sí iwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, kì í ṣe “gbèsè.” Bó bá kọjá oṣù méjì, kí àwọn mẹ́ta tó kù pín 50,000 náà láàárín ara wọn. Gbèsè oṣù márùn-ún tí ẹ bá kó jọ sórí ọmọ ìyá yín kò ní wọlé. Á kàn jẹ́ kó fi ẹgbẹ́ Wásáàpù náà sílẹ̀ ni.

Bí ọ̀rọ̀ kan bá jáde láti fóònù àbíkẹ́yìn pé àkáǹtì ti yí padà, ẹ má sanwó sínú rẹ̀ títí ẹ ó fi pè é, tí ẹ ó sì rí ojú rẹ̀ lórí fídíò. Àwọn oníjìbìtì máa ń gba Wásáàpù ènìyàn, ẹgbẹ́ tí owó ti ń rìn ni wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń wá.

Ẹran Iléyá, ọ̀dà ilé, ankó ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n: ìdáwó wọn yàtọ̀, ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀, kí àkáǹtì wọn náà yàtọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ọjọ́ tí àgbò bá ti inú owó oògùn jáde, ìṣirò oṣù yẹn ò ní bára mu mọ́, àkọ́bí á sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣàlàyé ní ọjọ́ 22.