Ọ̀rọ̀ tí sáìtì tuntun lè bá wọ Google

Àbúrò mi obìnrin ní Kubwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sáìtì fún òwò oúnjẹ rẹ̀. Lálẹ́ àná, a jọ ṣí Keyword Planner, irinṣẹ́ Google tó ń fi hàn bí àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣe pọ̀ tó. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára “catering services in abuja”: àwọn tó ń wá a pọ̀, “Low” sì ni wọ́n kọ sí Competition.

Mo ní kó rọra. Àwọn tó ń sanwó ìpolówó ni Competition ń wò, kò sọ bó ṣe le tó kí sáìtì yọ lórí Google lọ́fẹ̀ẹ́, láìsanwó ìpolówó. A tẹ̀ ẹ́ sórí Google: àwọn sáìtì ńláńlá tó ti pẹ́ ló gba gbogbo ojú ewé àkọ́kọ́.

“ofada rice delivery kubwa” ńkọ́? Àwọn tó ń wá a kéré gan-an, àmọ́ kò sí ojú ewé kan tó dáhùn ún tààrà. Ẹni tó bá sì tẹ ìyẹn, ó ti fẹ́ rà á. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń kọ iye owó àti àwọn àdúgbò tó ń gbé e dé.