Ojú Ibi Tí Yorùbá ti Pàdé Gẹ̀ẹ́sì Nínú Ímeèlì Iṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ máa yẹ ímeèlì oníbàárà wò kó tó jáde, ibi tí Yorùbá ti yà sí Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lọ. Èmi máa ń fa ìlà kékeré síbẹ̀, màá wá wo ọ̀rọ̀ tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ẹ wo èyí:

> Ọ̀gá wa ti / approved / àwọn / invoices / mẹ́ta náà, / but they are yet to sign.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè èdè tó ni gbólóhùn. “Ti” ló ń sọ pé iṣẹ́ ti parí, Yorùbá ló sì ni ín. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó bá tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ mú àfòmọ́ kankan wá: “ti approve”. Bákan náà la ó kọ “a ń process”, kì í ṣe “a ń processing”. Àmọ́ ẹ má fi ìwàǹwára gé gbogbo “-ed” dànù o. “Wọ́n qualified” dára bẹ́ẹ̀, torí ipò tí wọ́n wà ló ń sọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe.

“Invoices” kò le. “Àwọn” àti “mẹ́ta” ti sọ pé ó ju ẹyọ kan lọ, ẹ yọ “s”. “Goods” ní tiẹ̀ kò ṣeé gé, orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

“They” ló léwu jù. Ẹ̀rọ tó ń yẹ sípẹ́lì wò kò ní fa ìlà pupa sí i, torí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀yìn yẹn kò lábùkù tí a bá wò ó lóun nìkan. Ọ̀wọ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ ń bù fún ọ̀gá rẹ̀: “wọ́n” ló wà lọ́kàn rẹ̀, “they” ló tẹ̀. Oníbàárà tó bá kà á lè rò pé èèyàn mẹ́rin-márùn-ún ṣì kù tí yóò fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kó dúró sí Yorùbá: “ṣùgbọ́n wọn ò tíì fọwọ́ sí i”. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá pọn dandan, ẹ tún orúkọ pè: “but our manager is yet to sign”.

Irú kan tún wà tí gígé àfòmọ́ nìkan kì í tún ṣe: “Payment yín ti approved”. Ẹ gé “-ed”, ó di “Payment yín ti approve”, bíi pé owó náà ló ń fọwọ́ sí nǹkan. Yorùbá ń fẹ́ olùṣe níbẹ̀: “A ti approve payment yín”. Ṣùgbọ́n ṣé àwa ni, àbí báńkì? Ẹ má méfò. Ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ kí ẹ tó fi “a” tàbí “wọ́n” sí i, torí ẹni tí oníbàárà máa pè bí owó bá pẹ́ nìyẹn.